Igbá Àwẹ̀ró àti Ìyìn Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ní ìlú Ajítọ́lá, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fi igbá jẹun, tí wọ́n ń fi igbá bo oúnjẹ, tí wọ́n sì ń fi igbá ru ẹrù ìyàwó, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Igbá fínfín ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti la igbá sí méjì, tí ó ha inú rẹ̀, tí ó sì sá a títí tí ó fi gbẹ, yóò mú ọ̀bẹ kékeré, yóò máa fín aláǹgbá, ẹja àti ẹyẹ sí i lára. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni sọ tí kì í yẹ̀ wò tiwájú tẹ̀yìn.

Kì í ṣe pé wọ́n bí ìfura mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ọdún méjì ṣáájú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti ìlú kejì, ó yin ọwọ́ Àwẹ̀ró fún odidi ọjà mẹ́ta. Ní ọjà kẹrin, Àwẹ̀ró fi inú dídùn gbé igbá tó rẹwà jù lọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Igbá náà ni ọ̀gbẹ́ni fi ru ẹrù ìyàwó lọ sílé ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá yin Àwẹ̀ró, ọwọ́ onítọ̀hún ni yóò kọ́kọ́ wò, kó lè mọ ohun tó fẹ́ gbé.

Síbẹ̀, ìfẹ́ kì í gba ìkìlọ̀. Ògúnrìndé, ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ń pọ́n ọ̀bẹ fún un, ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ti dàgbà. Bí Àwẹ̀ró bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, á yára gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ kó má baà ba iṣẹ́ jẹ́. Kò sọ fún ẹnìkan, ìyá tó bí i pàápàá kò gbọ́.

Ní ọjọ́ kan, Ògúnrìndé mú ọ̀bẹ tó ti pọ́n wá. Ó rí igbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé e, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Àwẹ̀ró, igbá yìí dára. Wo bí ìrù aláǹgbá yìí ṣe yí ẹnu igbá po tó sì padà bá orí rẹ̀. Ojú mi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀.”

Àwẹ̀ró yára wo ọwọ́ rẹ̀. Kí ló ń wá? Èwo ló fẹ́ gbé lọ? Fún ta ni?

“Igbá wo?” ni ó dáhùn, kò gbójú sókè. “Pankara ni, jàre, igbá tí wọ́n fi ń kólẹ̀. Ọwọ́ mi ló ṣì í. Bó bá wù ọ́, máa gbé e lọ.”

Ògúnrìndé wo igbá, ó wo Àwẹ̀ró. “Ó dáa,” ni ó wí. Ó gbé igbá náà, ó sì lọ. “Mo sọ bẹ́ẹ̀!” ni Àwẹ̀ró ń wí nínú ara rẹ̀. “Ohun tó wá gbé náà nìyẹn.” Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá, kò rí Ògúnrìndé. Nígbà tí wọ́n wá pàdé lọ́nà odò, Ògúnrìndé rọra sọ pé irun tó dì bá ojú rẹ̀ mu. Àwẹ̀ró rántí pé líle tí òun le sí i níjọ́sí ló lé e lọ, ni ó bá tún ṣe é ju bó ti yẹ lọ. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. “Ẹ ṣé o! Ẹ ṣeun gan-an ni! Olúwa á bá mi san án fún yín! Ẹ mà ṣeun o!” Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ kan péré ni ọmọkùnrin sọ, ọpẹ́ tó gbà tó ti ẹni tó fúnni ní màlúù. Ojú ti Ògúnrìndé. Ó wo ẹ̀yìn bóyá àgbàlagbà kan ló ń bọ̀ tí wọ́n ń kí. Ara fu òun náà: ṣé yẹ̀yẹ́ ni ọmọ yìí ń fi òun ṣe? Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì yára kọjá.

Lẹ́yìn èyí, Àwẹ̀ró kò lè sùn, kò lè jẹun. Ó gbé igbá tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín, ó ní òun fẹ́ lọ pọ́n ọ̀bẹ, ó forí lé ilé alágbẹ̀dẹ. Ohun tó rí ní ẹnu ọ̀nà mú un dúró gbagidi. Ìyá Ògúnrìndé wà níbi ìdáná, ó ń fi igbá aláǹgbá kó eérú.

Omijé lé sí i lójú. “Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Igbá mi nìyẹn?”

“Òun ni, ọmọ mi. Nígbà tí Ògúnrìndé gbé e dé, mo ní ká gbé e sókè, ká máa fi bo oúnjẹ àlejò. Ó ní ẹni tó fín in fúnra rẹ̀ sọ pé pankara ni. Èmi kì í ṣe onígbá, ibo ni mo ti fẹ́ mọ igbá jù ú lọ?”

Ọ̀rọ̀ ẹnu Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbà gbọ́.

Ògúnrìndé gbọ́ ohùn rẹ̀, ó jáde láti ibi ẹwìrì, òógùn bò ó lójú. “Mo rò pé o kò fẹ́ rí mi mọ́ ni,” ni ó wí. “Mo yin iṣẹ́ rẹ, o ní pankara ni, àfi bíi pé ojú mi fọ́. Mo yin irun rẹ, o kúnlẹ̀ fún mi bí ẹni ń kí ọba.” Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ bọ́ sára igbá tuntun. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wọn odò: “Èyí náà dára. Ẹyẹ yìí fẹ́ fò.”

“Pankara” ti dé orí ahọ́n Àwẹ̀ró. Ọpẹ́ rẹpẹtẹ náà ti ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó wo ọwọ́ Ògúnrìndé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: ọwọ́ náà kò na mọ́ igbá. Ó wá yé e pé èèyàn lè gba ìyìn kó má sì fi igbá tọrẹ. Ó gbé ojú sókè, ó sì wo ọmọkùnrin náà lójú.

“O ṣeun,” ni ó wí, ẹ̀ẹ̀kan péré. “Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi fín in. Ìyẹ́ yẹn ló fún mi níṣẹ́ jù, inú mi sì dùn pé ibẹ̀ gan-an lo wò.”

Ó wù ú kó tún fi nǹkan kún un, ó kó ara rẹ̀ níjàánu. Lẹ́yìn náà ni Ògúnrìndé rẹ́rìn-ín, ó fa àpótí ìjókòó kan jáde.

“Jókòó, kí o sọ fún mi. Báwo lo ṣe ń yí ọ̀bẹ tí ìyẹ́ fi tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyìí?”

Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Nígbà tí Àwẹ̀ró dìde, ó gbé igbá rẹ̀ dání lọ sílé, kò sì sí ẹni tó ní kó fi í sílẹ̀.

Nígbà tí ọdún yípo, igbá ẹyẹ yẹn gan-an ni wọ́n fi ru ẹrù Àwẹ̀ró wọ ilé alágbẹ̀dẹ. Ìyàwó tuntun fọ igbá aláǹgbá náà títí, iná ti jó o, eérú ti wọ ojú fínfín rẹ̀, kò mọ́ mọ́. Ìdí ààrò ló wà títí tó fi fọ́. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá bi Àwẹ̀ró pé ta ló fi irú igbá arẹwà bẹ́ẹ̀ kó eérú, á ní, “Èmi ni.” Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà Ajítọ́lá ti ń sọ ọ́, tí gbogbo wa sì gbà á lẹ́nu wọn, pé bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní pankara, ayé á bá a fi kólẹ̀.