Ojú Tí Alágẹmọ Yà fún Àjàgbé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Èmi tí mo jókòó síwájú yín yìí, n kò mọ nǹkan kan. Ẹ má wo ewú orí mi. Ohun tí àwọn tó gbọ́n jù mí lọ sọ ni mo ń tún sọ. Bí ó bá sì dà bíi pé mo ń bú ẹnì kan nínú rẹ̀, ẹ má bínú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin ni.

Ààlọ́ mi rìn títí, ó dé ọ̀dọ̀ Àjàgbé, ó bá Alágẹmọ níbẹ̀, ó sì gba iwájú ilé Mosúnmọ́lá kọjá.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ń gbé àdúgbò kan náà (àtijọ́ tí mo wí yìí, kámẹ́rà ti dé), ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àjàgbé. Ó kúrò nílé láti kékeré. Ó lọ sí ìlú òkèèrè, ìrìn ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú lọ́rì. Ó ta aṣọ. Ó kọ́lé. Ó ra kẹ̀kẹ́. Ìyàwó nìkan ni kò ní. Ọdọọdún ló ń wí pé òun máa gbéyàwó lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ ń bọ̀, ó sì ń lọ. Ìgbà tó máa bojú wẹ̀yìn, orí rẹ̀ ti funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn sínú, iwájú orí rẹ̀ ti hunjọ.

Àṣà àwọn ará ìlú rẹ̀ ni pé ọkùnrin tó bá wà lókèèrè á fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Alárinà á gbé e lọ bá ọmọbìnrin. Bí ó bá wù ú, wọn á di ẹrù rẹ̀ sínú lọ́rì. Ọjọ́ tó bá sọ̀ kalẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fojú kan ọkọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù wá ọkọ, kí lẹ fi sàn jù wọ́n lọ?

Alárinà tiwọn ń jẹ́ Àdìgún, òun ni Àjàgbé kọ̀wé sí pé kó bá òun wá ìyàwó. Ó lọ bá Mosúnmọ́lá, ọmọbìnrin kan tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Arúgbó ló fẹ́ ìyá yìí. Arúgbó náà kú nígbà tí Mosúnmọ́lá ṣì ń rákò, ìyá sì di opó ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún.

Mosúnmọ́lá sọ fún Àdìgún pé, “Kò pọn dandan kó lẹ́wà. Kò pọn dandan kó lówó. Kó má ṣáà ti darúgbó. N kò fẹ́ ṣe opó bí ìyá mi.”

Àdìgún kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Mosúnmọ́lá fi àwòrán tirẹ̀ sí i. Ó ti bọ́jú, ó ti pa òróró, ó ti yá yẹtí àǹtí rẹ̀. Ó di orí rẹ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n òun náà ni.

Àjàgbé ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Alágẹmọ, ayàwòrán ìlú, ó ka lẹ́tà náà fún un. Bí Alágẹmọ bá fẹ́ ya ènìyàn, ojú kan ń wo oníbàárà, ojú kejì ń wo kámẹ́rà. Ó gbé Àjàgbé jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó na aṣọ funfun sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí i lójú. Ó yà á.

Àjàgbé wo àwòrán náà. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí ni oówo tó wà lágbọ̀n òun yìí ń wá? Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin:

Alágẹmọ, bá mi tún ojú ṣe,
*Díẹ̀ ni, díẹ̀ péré.*
Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára,
*Díẹ̀ ni, díẹ̀ péré.*

Alágẹmọ ní ìyẹn kò burú, oówo á ti lọ kí lẹ́tà tó délé. Ó mú gíláàsì tí àwòrán kọ́kọ́ hàn lórí rẹ̀ jáde. Lórí gíláàsì yìí, ohun gbogbo dorí kodò: èyí tó dúdú lára ènìyàn á hàn kedere bí omi, èyí tó funfun á dúdú. Òjìji oówo náà hàn bí ihò kékeré. Alágẹmọ gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀ ṣóńṣó, ó rọra fi kun ihò náà. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, oówo ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Àjàgbé padà dé. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun jìn jù. *Díẹ̀ ni, díẹ̀ péré.* Alágẹmọ fi pẹ́ńsù kun òjìji ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún.

Lọ́jọ́ kẹta, Àjàgbé tún dé. Ó ní kó bá òun mú ewú kúrò, kó bá òun na iwájú orí.

Alágẹmọ gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, oówo á lọ fúnra rẹ̀. Ṣé ewú náà á lọ?”

“Ta ni yóò wo orí mi?”

“Ẹni tó ní kí ọkọ òun má darúgbó.”

Àjàgbé ní, “Díẹ̀ péré ni.”

Ẹ̀yin gbà pé Alágẹmọ yóò kọ̀? Ẹni tó fi yíyí àwọ̀ padà jẹun? Ewú dúdú lórí gíláàsì. Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha dúdú náà títí ó fi fẹ́lẹ́, irun sì dúdú lórí ìwé. Ó fi pẹ́ńsù kun ìlà iwájú orí lọ́kọ̀ọ̀kan, iwájú orí sì jọ̀lọ̀. Ogún ọdún bọ́ sílẹ̀ lára Àjàgbé, kò sì kúrò lórí àga.

Àwòrán délé. Iṣẹ́ Àdìgún ni pé kó ṣe ìwádìí, kó bi àwọn awakọ̀ lọ́rì tó mọ Àjàgbé. Àdìgún wo àwòrán. Ó ní, “Ìwádìí kí tún ni? A ti rí i.” Ó lọ jẹun.

Mosúnmọ́lá wo irun dúdú náà. Ó gbà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lọ́rì gúnlẹ̀ sí gáréèjì. Mosúnmọ́lá mú àwòrán lọ́wọ́. Ó kọjá níwájú Àjàgbé. Ó tún kọjá. Ìgbà kẹta, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ọ̀gbẹ́ni yìí?”

Àjàgbé ti mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Kò sí ohun tó yàtọ̀ lára rẹ̀ àfi yẹtí. Ó ní, “Èmi ni.”

Mosúnmọ́lá rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àgbàlagbà ń bá òun ṣeré. Ó wá wo etí òsì rẹ̀, ó rí i pé ó gé díẹ̀ lókè. Ó wo àwòrán. Alágẹmọ kò rántí tún etí ṣe. Etí kan náà ni. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Ohun kan ṣoṣo ni mo béèrè.”

“Bí mo bá fi orí funfun ránṣẹ́, ṣé ò bá wá?”

“N kì bá wá.”

“Ìdí rẹ̀ nìyẹn.”

“Ẹ mọ ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi nígbà náà.”

Ó ronú àtipadà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sin ín jáde nílé, ó mọ̀ pé wọn kò ní bi Àjàgbé ní nǹkan kan. Òun ni wọn yóò bi léèrè ohun tó ṣe. Ó dúró. Àjàgbé tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ó ń pọnmi fún un, ó ń dáná fún un. Gbogbo rẹ̀ dára, kò sì dá ogún ọdún padà. Mosúnmọ́lá bí ọmọkùnrin kan. Lọ́dún kẹrin, ikọ́ mú Àjàgbé. Ikọ́ kò lo pẹ́ńsù.

Níbi òkú, wọ́n gbé àwòrán ńlá tí Alágẹmọ tẹ̀ láti ara gíláàsì kan náà. Àwọn tó wá ṣèdárò ń ká ọwọ́ lérí, wọ́n ń béèrè pé ọ̀dọ́mọkùnrin wo ló kú. Mosúnmọ́lá di opó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ó fi ọdún méjì ju ìyá rẹ̀ lọ.

Ohun tí ààlọ́ yìí ń kọ́ wa ni pé kí á bọ́jú, kí á di irun, kí á jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ fi pinnu ayé rẹ̀, kí á má fi pẹ́ńsù kùn ún.

Ibi tí ààlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí nìyí. Ọmọ náà ti dàgbà. Kò rántí ojú bàbá rẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo yẹn ló wà nílé, ó sì gbé e wá bá ìyá rẹ̀ lánàá pé, “Ìyá mi, ṣé bí bàbá mi ṣe rí nìyí?”

Kí lẹ ní kí obìnrin yìí dá a lóhùn?