Ààbọ̀ Iṣẹ́ Tí Ikún Rán sí Ọ̀kẹ́rẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi já bọ́ pọ̀ọ́, kò bà sórí òrùlé, kò bà sójú ọ̀nà. Ó lọ bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gbé orí igi, ó sì bà lé Òkété tó gbẹ́ ihò sí ìdí igi kan náà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, bí orin bá dé, ẹ bá mi gbè é.

Ní ìgbà kan rí, ní ayé ìgbà tí àwọn ẹranko náà ń lo fóònù bíi tiwa, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé orí igi òro kan lẹ́bàá odò. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ó mọ nǹkan tọ́jú. Ohun tí o bá fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí, bí o bá padà dé lẹ́yìn ọdún kan, ibi tí o gbé e sí ni o máa bá a.

Ikún ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Òdìkejì odò ni Ikún ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé etí Ikún di. Àní ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ràn, ṣebí ohun tí à ń sọ ni pé ó kọ etí ikún? Bí o bá pè é lórí fóònù títí ẹnu fi ń ro ọ́, "Hẹ̀n? Hẹ̀n?" ni yóò máa wí. Nítorí náà, àtẹ̀jíṣẹ́ ni òun àti Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì sí nínú ihò. Ikún ní láti gun orí òkìtì ọ̀gán kí iṣẹ́ tó lè jáde, kí èsì tó lè wọlé.

Ní ọdún tí odò kún, omi ya wọ ihò Ikún. Ó bá kó ẹrù mẹ́ta wá sọ́dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́: kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan, àpò irúgbìn àgbàdo kan, àti agbọ̀n èèpo igi tí wọ́n fi ń se àgbo ibà. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi tọ́jú wọn. Ìgbà tí mo bá nílò wọn, n ó ránṣẹ́."

Odò fà. Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Epo wá di ohun àpéwò nínú igbó. Ìgbà yẹn ni Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í gbóhùn sókè kí Ọ̀kẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Òkété wá tọrọ iyọ̀. Bó ṣe ń lá iyọ̀ tó tọrọ lórí àtẹ́lẹwọ́ ni fóònù Ọ̀kẹ́rẹ́ dún. Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó, ó sì kà á jáde láìmọ̀ pé òun ń kà á jáde.

"Fi ránṣẹ́ lọ́la."

Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Ikún ló fi í ránṣẹ́. Nọ́ńbà rẹ̀ ni.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo kẹ́ẹ̀gì. Ó wo àpò. Ó wo agbọ̀n.

"Fi kí ni ránṣẹ́?" Ó ń bi ara rẹ̀. "Sí ta ni?"

Òkété ti gbé iyọ̀ mì. Ojú rẹ̀ ti dá.

"Epo ni," Òkété wí. "Kí ni ì bá tún jẹ́? Ta ló ń bèèrè àgbàdo nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Ikún sì ti bá mi sọ ọ́ lójú ọ̀nà odò. Ó ní, 'Òkété, ìwọ tí o lágbára, ìwọ ni n ó ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé e fún.' Èmi náà kàn fẹ́ kó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọ ni, kí o má baà rò pé ẹnu ara mi ni."

"Ó dára," Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "N ó bi wọ́n."

Òkété pàtẹ́wọ́. "Háà! Ọ̀kẹ́rẹ́! Àgbà rán ọ níṣẹ́, o fẹ́ máa bi í ní kí ni? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Wọn á ní ìyá rẹ kò kọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọ̀kẹ́rẹ́ lára. Ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ sí àìdáa. Ó ká ọwọ́ kò. Ó jókòó ti kẹ́ẹ̀gì epo náà, ó sì rò ó.

Nígbà tó yá, ó dáhùn. "Òótọ́ ni òwe yẹn. Ṣùgbọ́n ààbọ̀ yìí dé inú rẹ, ó di epo. Ó dé inú mi, kò di nǹkan kan. Inú ẹni tó sọ ọ́ ni odidi rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni n ó ti lọ bèèrè."

Òkété dìde. Ó ní òun ń bọ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ mú fóònù. Èyí tó kọ́kọ́ kọ gùn bí okùn kànga. Ó kí Ikún, ó kí àwọn ọmọ-ọmọ níkọ̀ọ̀kan, ó tọrọ àforíjì, ó ṣàlàyé ohun tí Òkété wí, ó wá bèèrè pé ṣé epo ni. Ó kà á padà. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ojú Ikún kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, fóònù rẹ̀ sì kéré. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, ìparí rẹ̀ lè máà hàn sí i. Ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀: bí òun bá fi epo sí i lẹ́nu, àgbà tó ń kánjú lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó má tilẹ̀ kà á dópin.

Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó tún un kọ:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá. Mo rí iṣẹ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fi ránṣẹ́, ta ni kí n sì gbé e fún?"

Ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó dúró. Kò sí èsì. Ikún ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀gán.

Kí ni Òkété ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Ó ti lọ bá Ehoro, ó ti lọ bá Ẹtu, ó ti lọ bá Ọ̀yà.

"Ẹ kó iṣu yín wá," Òkété ń wí. "Láàárọ̀ ọ̀la, èmi ni mo ni epo tí a ó fi jẹ ẹ́. Epo tí ẹ ò tíì rí irú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá."

Wọ́n kó iṣu wá, sísun, tó gbóná. Òkété ní kí wọ́n kó o sínú ihò òun kí kòkòrò má baà bà á. Bí wọ́n ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, ó tọ́ ọ̀kan wò. Ó dùn láìsí epo. Ó tún tọ́ èkejì wò.

Ó wá gba fóònù ìyàwó rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Èmi Ikún ni. Fóònù mi kú. Ti ọmọ mi ni mo ń lò. Epo ni. Gbé e fún Òkété." Ó fi í ránṣẹ́ sí Ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì padà sídìí iṣu.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà dáhùn ìbéèrè méjèèjì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà ṣàjèjì. Kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́, kò sì dá a lóhùn. Ó kàn wí fún ara rẹ̀ pé, "Fóònù tí mo bi léèrè ni kó dá mi lóhùn." Ó fi aṣọ bo ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì sùn.

Ilẹ̀ mọ́. Òkété ti wà ní ìdí igi. Ehoro, Ẹtu àti Ọ̀yà tẹ̀lé e, oníkálukú gbé àwo lọ́wọ́.

"Ọ̀kẹ́rẹ́! Gbé epo wá! Ṣebí Ikún ti sọ fún ọ pé fóònù òun kú?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọjú. "Ta ló sọ fún ọ pé Ikún sọ bẹ́ẹ̀?"

Òkété la ẹnu. Ó ní kó kọ́kọ́ gbé epo wá ná.

Àfi gbì, fóònù dún. Nọ́ńbà Ikún gan-an. Ọ̀kẹ́rẹ́ kà á sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́:

"Ọmọ mi, o ṣeun tí o bèèrè. Ṣé èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, tí mo ti dárúkọ rẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ ni? Eepo ni. Gbé e fún Ẹyẹlé láàárọ̀ yìí."

"Ẹ gbọ́ o!" Òkété fò sókè. "Epo! Ọwọ́ rẹ̀ ló tẹ lẹ́tà kan léraléra. Epo ni!"

Ehoro gbọn etí. "Ọ̀kẹ́rẹ́, ka ìyókù. Ṣé ibẹ̀ ló parí sí?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ kà á: "Èyí tó wà nínú agbọ̀n. Ara ọmọ-ọmọ mi ń gbóná láti àná, n ó sè é fún un. Má fọwọ́ kan epo tàbí àgbàdo."

Àṣé èèpo igi ni. Ta ló ń da epo sínú agbọ̀n? Ọ̀kẹ́rẹ́ sì rò ó wò. Bó bá jẹ́ pé ó gbé kẹ́ẹ̀gì fún Òkété lálẹ́ àná ni, èèpo igi ì bá wà níbí, ọmọ ì bá sì máa jóná nínú ibà lọ́hùn-ún. Ó já ṣòòrò sórí ẹ̀ka tí Ẹyẹlé, aládùúgbò rẹ̀ lórí igi, ti ń na ìyẹ́. Ó so èèpo igi mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹyẹlé fò, ó sọdá odò.

Nísàlẹ̀, Ọ̀yà yíjú sí Òkété.

"Kò sí epo. Kò burú. Gbé iṣu wa jáde, ká jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Òkété ní kí wọ́n jọ̀wọ́, òun ń bọ̀. Ó yí padà, ó fẹ́ wọ ihò. Orí wọlé. Èjìká wọlé. Ikùn kò wọlé. Iṣu ẹni mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ni wọ́n bá di ìrù rẹ̀ mú, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì nà án ní ìdí, wọ́n ń kọrin. Ẹ gbè é:

Òkété, iṣu wa dà?
*Kínrin-kínrin jàn!*
O pe epo, a ò rí epo,
*Kínrin-kínrin jàn!*
O gba iṣu, a ò rí iṣu,
*Kínrin-kínrin jàn!*

Wọ́n nà án títí irun ìrù rẹ̀ fi re tán kó tó já mọ́ wọn lọ́wọ́ wọlé. Láti ọjọ́ náà ni ìrù Òkété ti rí bó ṣe rí, tí kì í sì í jáde lọ́sàn-án. Ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí àwọn oníṣu bá ti sùn.

Ikún se àgbo. Ọmọ mu ún. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ tutù, ó sì béèrè oúnjẹ.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ó kọ́ ẹni tó ń ránṣẹ́ pé kó dárúkọ ohun tó fẹ́ àti ẹni tí wọn yóò gbé e fún, torí ọ̀rọ̀ àkọ́sọ lè sọnù lójú ọ̀nà. Ó kọ́ ẹni tí a rán pé ìbéèrè kúkúrú tó ní ọ̀wọ̀ nínú kì í ṣe àfojúdi. Ó sì kọ́ gbogbo wa pé kí á máa ṣọ́ra fún ẹni tó ń sáré bá wa parí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Bí mo bá purọ́ nínú àlọ́ yìí, kí fóònù mi dún báyìí-báyìí.

Ẹ gbọ́? Kò dún.